Ímeèlì Ìdúpẹ́ Tí Alárenà Iṣẹ́ Lè Gbé Dé Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá

Kí iléeṣẹ́ ńlá tó ní kí ẹni tó ń wáṣẹ́ wá jókòó síwájú ọ̀gá, ẹnì kan sábà máa ń kọ́kọ́ pè é lórí fóònù. Ìpè náà kì í gùn, bí ìṣẹ́jú 15 sí 30 ni. Ẹni tó pè kì í sábà jẹ́ ọ̀gá tí òṣìṣẹ́ tuntun náà máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kó bá iléeṣẹ́ wá èèyàn, kó sì mọ àwọn tó yẹ kí ọ̀gá fojú rí. Yóò béèrè iye tí èèyàn fẹ́ gbà lóṣù, ìgbà tó lè bẹ̀rẹ̀, ibi tó ń gbé, àti díẹ̀ nípa iṣẹ́ tó ti ṣe rí. Alárenà ni, bí alárenà ìgbéyàwó ṣe máa ń wádìí ọmọ kí ìdílé méjèèjì tó ríra.

Ohun tí alárenà bá gbọ́ ló máa gbé délé. Lẹ́yìn ìpè, yóò kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sílẹ̀ nípa ẹni tó bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ yẹn sì ni ọ̀gá máa kà. Ó lè ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí ohùn wọn á sì ti dàrú mọ́ra lójú rẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Ibi tí ímeèlì ìdúpẹ́ ti wúlò gan-an nìyẹn: ó lè fi ohun kan tó dájú kún ohun tí alárenà máa kọ.

Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi ránṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. “Ẹ ṣeun tí ẹ fún mi láyè. Inú mi dùn láti bá yín sọ̀rọ̀. Mo ń retí èsì yín.” Ọ̀wọ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́, lórí iṣẹ́ yòówù. Alárenà kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ń tọ́jú sítọ́ọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn lọ́pọ̀ ní Ìbàdàn, tó sì ń wá irú iṣẹ́ kan náà ní iléeṣẹ́ tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Ìkẹjà. Alárenà pè é láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n sọ̀rọ̀ owó, wọ́n sọ̀rọ̀ bóyá ó lè kó wá sí Èkó. Nígbà tí ọ̀rọ̀ fẹ́ parí, alárenà wá mẹ́nu ba ohun kan: àwọn fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára sí ń kó ìdààmú bá wọn. Bí iná bá lọ lópin ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kọ bí inú fíríìjì ṣe tutù tó sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọn kì í mọ èyí tó ṣì dára nínú ọjà wọn.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà máa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni alárenà sọ yẹn. Láàárín 2°C sí 8°C ni ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára gbọ́dọ̀ wà. Ooru ń bà wọ́n jẹ́, òtútù tó bá sì pọ̀ débi tí wọ́n fi dì máa ń ba àwọn kan nínú wọn jẹ́ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú wọn fi ń ka tẹmómítà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́. Alárenà fúnra rẹ̀ lè má mọ gbogbo èyí. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá ló ti gbọ́ ọ, tó fi hàn pé ibẹ̀ gan-an ni bàtà ti ń ta ọ̀gá lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, òun ni kókó tó yẹ kó wọ ímeèlì.

Gẹ̀ẹ́sì ni obìnrin náà máa fi kọ ọ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó máa wà nínú rẹ̀ nìyí:

“Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí láàárọ̀ yìí nípa iṣẹ́ olùtọ́jú sítọ́ọ̀. Mo ti ń ronú lórí ohun tí ẹ sọ nípa àkọsílẹ̀ fíríìjì lópin ọ̀sẹ̀. Níbi tí mo wà báyìí, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ la máa ń ka tẹmómítà, títí kan Sátidé àti Sọ́ńdè. Èmi ni mo ṣe ìwé tí àwọn ọlọ́dẹ fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí àwa ò bá sí níbẹ̀, èmi ni mo sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń kà á. Tí ọ̀gá ẹ̀ka náà bá fẹ́ gbọ́ bá a ṣe ń ṣe é, mo ṣe tán láti ṣàlàyé.”

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ló kù. Ọ̀rọ̀ nípa ìwé àwọn ọlọ́dẹ ló gbé gbogbo ímeèlì náà ró, torí obìnrin náà kò sọ ọ́ lórí fóònù. Ká ní ó kàn tún ọ̀rọ̀ alárenà sọ pé “mo gbọ́ pé fíríìjì ń yọ yín lẹ́nu” ni, á kàn fi hàn pé ó tẹ́tí sílẹ̀ ni. Àmọ́ pẹ̀lú ìwé àwọn ọlọ́dẹ, alárenà ti rí gbólóhùn kan tó lè dà kọ fún ọ̀gá. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́ délẹ̀délẹ̀, torí ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀gá máa bi í nígbà tí wọ́n bá jókòó ni bí ìwé náà ṣe rí.

Irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá ní bírò àti ìwé lọ́wọ́ nígbà ìpè. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló yẹ ní mímú. Tí alárenà bá jẹ́ kó ta síni létí pé wọ́n lé ẹni tó wà nípò náà kúrò, ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni, kò yẹ kó hàn nínú ohun tí ẹlòmíì lè kà. Owó oṣù náà kò yẹ níbẹ̀: ẹni tó bá fi ìdúpẹ́ bẹ̀rẹ̀, tó wá fi ẹ̀bẹ̀ owó parí, ẹ̀bẹ̀ nìkan ni wọ́n máa rántí.

Bí alárenà bá ti kọ ímeèlì ṣáájú ìpè, èsì ímeèlì yẹn ni kéèyàn fi ìdúpẹ́ ṣe, kí ọ̀rọ̀ àtẹ̀yìnwá lè wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nílẹ̀ wa, fóònù tàbí Wasáàpù nìkan ni ìpè míì máa ń gbà wá. Nígbà náà, kéèyàn béèrè àdírẹ́sì ímeèlì kí ìpè tó parí, kó sì ní kí wọ́n pe àwọn lẹ́tà inú orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí àkọlé rẹ̀ sọ orúkọ ẹni, iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí wọ́n sọ̀rọ̀. Ọjọ́ náà gan-an tàbí ọjọ́ kejì ló yẹ kó dé, torí alárenà lè ti fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣọwọ́ sí ọ̀gá tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àṣìṣe tó burú jù níbí ni pé kéèyàn da ọ̀rọ̀ tó ti fi ránṣẹ́ síbòmíì kọ, kó sì gbàgbé orúkọ iléeṣẹ́ kejì sínú rẹ̀.

Ímeèlì yìí tún ni àyè tó dára jù láti tún ohun téèyàn ṣì sọ ṣe. Ká ní obìnrin wa sọ lórí fóònù pé ọ̀sẹ̀ méjì lòun máa fi sọ tẹ́lẹ̀ kóun tó kúrò níbi iṣẹ́ òun, tó wá yẹ ìwé àdéhùn rẹ̀ wò, tó rí i pé oṣù kan ni, gbólóhùn kan ti tó: “Mo ti yẹ ìwé àdéhùn mi wò, oṣù kan ni mo gbọ́dọ̀ fi sọ tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.” Ó sàn kí alárenà gbọ́ ọ báyìí ju kó di ohun tó ń tú ọ̀rọ̀ ká lẹ́yìn tí wọ́n ti gbà á tán.

Àmọ́ kò sí ìdúpẹ́ tó lè dí àlàfo tó wà láàárín owó tí iléeṣẹ́ ní àti iye téèyàn fẹ́ gbà, kò sì lè ṣí àyè tí wọ́n ti fún ẹlòmíì. Ọ̀pọ̀ alárenà kì í sì í fèsì. Ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ èèyàn. Bí wọ́n bá ti sọ pé ọjọ́ Ẹtì làwọn máa pè, kéèyàn jẹ́ kí ọjọ́ Ẹtì kọjá, kó di Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, kó wá fi gbólóhùn méjì béèrè lábẹ́ ímeèlì kan náà, níbi tí ọ̀rọ̀ fíríìjì àti ìwé àwọn ọlọ́dẹ ṣì wà.