Ààlà Ta Ni? Àyẹ̀wò Ìlà Kan Tí A Fagi Lé Nínú Iṣẹ́ Kálíkúlọ́ọ̀sì

Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín kò ju ìlà mẹ́rin lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan ni ó fi bírò kọ ọ́. Olùkọ́ ìṣirò kan ni ó mú un wá bá wa, ní àkókò tí a ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún nọ́ńbà méjèèjì tí a máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ àti òkè àmì ∫.

Leibniz ni ó kọ́kọ́ lo àmì yìí ní ọdún 1675. Lẹ́tà S gígùn ni, láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí àròpọ̀. Ìdí nìyí tí a fi pe irú ìṣirò yìí ní ìṣirò àkópọ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ń sọ ibi tí àkójọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ti òkè sì ń sọ ibi tí ó parí sí. Ààlà ni a pe àwọn méjèèjì nínú àkọsílẹ̀ wa àkọ́kọ́.

Ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ nìyí:

```
1.  I = ∫₀² x(x² + 1)³ dx
2.  u = x² + 1,   du = 2x dx
3.  I = ½ ∫₁⁵ u³ du
4.  I = ½ · 2⁴/4 = 2
```

Ní ìlà kẹta, ó fagi lé 1 àti 5, ó sì kọ 0 àti 2 sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Kò fọwọ́ kan ohun mìíràn ní ìlà náà.

Kí a tó wá àṣìṣe, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé àṣìṣe wà. Bí x bá jẹ́ 1, ohun tí a ń kó jọ jẹ́ 1 × 2³, èyí tí í ṣe 8. Láti ibẹ̀ títí dé ibi tí x ti jẹ́ 2, ńṣe ni ó ń ga sí i. Nítorí náà, apá yìí nìkan, tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1, ti ju 8 lọ. Ìdáhùn kò lè jẹ́ 2 láéláé.

Níbo ni ó ti ṣìnà? Ọ̀nà tí ó dára jù ni pé kí a dán àṣìṣe kọ̀ọ̀kan wò, kí a rí èyí tí yóò bí 2 gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé 1 àti 5 ni ó lò, tí ó sì gbàgbé ½, 156 ni ì bá rí. Bí ó bá lo 0 àti 2 láìfi 4 pín, 8 ni ì bá rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe gbogbo rẹ̀ bí ó ti yẹ, tí a kàn fi 0 àti 2 sí ipò 1 àti 5, 2 náà ni yóò jáde.

Igi tí ó fà sì jẹ́rìí sí i. Bí ó bá ṣe pé gbogbo ìlà kẹta ni ó fagi lé, a lè rò pé ó fẹ́ yí ọ̀nà padà. Nọ́ńbà ààlà nìkan ni ó pa rẹ́. Ó fi u³ àti du sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ohun tí ó pa rẹ́ gan-an ni ó tọ̀nà, nítorí pé 0² + 1 jẹ́ 1, 2² + 1 sì jẹ́ 5:

```
I = ½ · (5⁴ − 1⁴)/4 = 624/8 = 78
```

Ọ̀nà méjì ni ó wà. A lè gbé ààlà lọ sọ́dọ̀ u, bí ó ti kọ́kọ́ ṣe. A sì lè dá u padà sí x kí a tó fi nọ́ńbà sí i: (x² + 1)⁴/8, pẹ̀lú 0 àti 2, yóò fún wa ní 78 kan náà. Ohun tí ó ṣe ni pé ó gba ọ̀nà kìíní dé ìdajì, ó sì mú ààlà ti ọ̀nà kejì.

Síbẹ̀, ìwé lè sọ ohun tí ó ṣe. Kò lè sọ ìdí rẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ náà bi í, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, 0 àti 2 ni ìbéèrè fún wa. Mo rò pé mi ò gbọ́dọ̀ yí i padà ni.”

Èsì yìí ni ó mú kí a tún ọ̀rọ̀ wa gbé yẹ̀ wò. Àgbẹ̀ kan kì í tọ́ka sí pèrègún tí ó pa ààlà oko rẹ̀ pé òun ni ó pa ààlà oko ẹlòmíràn. Ààlà lásán, láìsí olóko, ni a fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí. Ó sì gbà pé ti ìbéèrè ni. A dábàá pé kí àwọn olùtumọ̀ máa kọ ààlà x àti ààlà u, kí olùkọ́ sì máa kọ `x = 0` tàbí `u = 1` sídìí àmì náà, dípò nọ́ńbà nìkan. Èyí kò ní wo gbogbo àṣìṣe ìpààrọ̀ sàn: ẹni tí ó gbàgbé láti yí dx padà sí du yóò ṣì gbàgbé.

Olùkọ́ náà ní kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tún ìlà kẹta kọ báyìí. Bí ó ti kọ `u =` tán, ó dúró díẹ̀, ó wo ohun tí ó ti fagi lé, ó sì dá 1 àti 5 padà sí ipò wọn.