Géèmù Ṣáínà Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ká ní ẹnì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ra ẹ̀rọ géèmù alágbèéká láti Ṣáínà ní 300 pọ́n-ùn, tó sì san 20 fún ìkẹ́rù. Ẹ̀rọ géèmù kì í san owó bodè nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ owó orí ọjà ń dúró dè é: ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ìkẹ́rù kò yọ sílẹ̀. 320 ni wọ́n ń ṣírò, ó di 64. Akẹ́rù yóò tún bu owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e.

Bí bọ́tìnì bá wá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ńkọ́? Ọ̀pọ̀ olùtajà á ní kí oníbàárà fowó ara rẹ̀ dá a padà, bẹ́ẹ̀ gbogbo akẹ́rù kọ́ ló ń gba bátìrì lítíọ́ọ̀mù. Ẹ béèrè ẹni tí yóò san owó ìdápadà kí ẹ tó sanwó.