Aṣọ Wo Ló Nílò Díráì Kílíìnì, Èwo Ni Omi Tó Fún?

Lébẹ́ẹ̀lì kékeré tó wà nínú ọrùn aṣọ máa ń kó ìpayà bá ẹni tó ni ín. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé díráì kílíìnì nìkan ni kí a ṣe é, ẹni náà á sì gbé e lọ fún alágbàfọ̀, á san owó gọbọi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìfọṣọ tó gbé pátákó díráì kílíìnì síta nílùú wa, omi, ọṣẹ, sítáàṣì àti áyọ́ọ̀nù ni wọ́n ń lò. Fún púpọ̀ nínú aṣọ tí à ń wọ̀, omi yẹn gan-an ló dára jù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni aṣọ tí omi lè bà jẹ́ pátápátá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá mọ ohun tí omi ń ṣe nínú okùn aṣọ á lè fi ojú ara rẹ̀ dá wọn mọ̀.

Kẹ́míkà tó dípò omi

Nínú ojúlówó díráì kílíìnì, aṣọ a máa rin gbingbin, ṣùgbọ́n kẹ́míkà olómi ló ń rin ín. Èyí tí wọ́n lò jù láti àwọn ọdún 1930 ni tẹtirakíloróẹtílíìnì, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní pẹ́ẹ̀kì. Ó mọ́ gaara, lítà kan rẹ̀ sì wúwo ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Kì í gbiná. Ìdí nìyẹn tó fi gba ipò lọ́wọ́ pẹtiróòlù àti àwọn ìbátan rẹ̀ tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, tí iná wọn jó ọ̀pọ̀ ilé ìfọṣọ.

Ẹ̀rọ ńlá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ pa dé pinpin ni wọ́n ń kó aṣọ sí. Ẹ̀rọ náà á da pẹ́ẹ̀kì lé e lórí, á máa yí i, á fún un, á wá fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sí i kó lè gbẹ. Oruku kẹ́míkà tó bá jáde lára aṣọ, ẹ̀rọ á mú un tutù padà di olómi. Wọn á sè é kí ìdọ̀tí lè kúrò nínú rẹ̀, wọn á sì tún un lò. Ilé ìfọṣọ tí kò bá ní irú ẹ̀rọ yìí, omi ló fi ń fọṣọ, ohun yòówù kó wà lára pátákó rẹ̀.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1821, Thomas Jennings, aránṣọ aláwọ̀ dúdú kan ní Niu Yọ́ọ̀kì, gba ìwé ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀nà ìfọṣọ kan tí wọ́n kà sí ìyá díráì kílíìnì òde òní. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Iná tó jó ọ́fíìsì tí ìwé náà wà ní ọdún 1836 ló sọ ohun tó lò gan-an di àwátì.

Ohun tí omi ń ṣe nínú okùn

Okùn aṣọ kan ń mu omi, òmíràn kì í fi bẹ́ẹ̀ mu ún. Òwú ń mu omi, ó sì ń wú, ṣùgbọ́n tó bá rin, ńṣe ló ń lágbára sí i. Ohun tó jẹ́ kí ańkárá, àdìrẹ, gíní àti bùbá léèsì olóòwú lè gba fífọ̀ àti fífún fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyẹn. Línẹ́nì náà rí bẹ́ẹ̀. Ní ti pọ́líẹ́sítà àti náílọ́ọ̀nù, omi kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ inú wọn, kì í sì í bà wọ́n jẹ́. Áyọ́ọ̀nù gbígbóná ni ọ̀tá tiwọn.

Wúùlù yàtọ̀. Ara irun àgùntàn kún fún ìpẹ́ wẹ́wẹ́ bíi ti ẹja, tí ojú lásán kò lè rí. Bó bá rin, tí omi náà gbóná, tí a wá ń fi ọwọ́ ra á, àwọn ìpẹ́ náà á há mọ́ ara wọn, wọn kò sì ní tú mọ́. Aṣọ á sún kì, á nípọn, á le, kò sì sí áyọ́ọ̀nù tó lè dá a padà. Kì í ṣe omi nìkan ló fa èyí o. Ooru àti rírà ló ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, súwẹ́tà wúùlù tí kò ní láínìn ṣeé fọ̀ nílé: ẹ fi ṣanpú irun díẹ̀ sínú omi tútù, ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ ṣan án, ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì ká a kó lè gba omi ara rẹ̀, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ìbòòji. Ẹ má fi bílíìsì sún mọ́ wúùlù tàbí sílíkì láé, nítorí yóò jẹ okùn wọn run. Pẹ́ẹ̀kì kì í mú irun yìí wú, ìdí nìyẹn tí aṣọ fi ń jáde bó ṣe wọlé.

Réyọ́ọ̀nù ló ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Ó rọ̀, ó ń dán, a sì máa rò pé sílíkì ni, bẹ́ẹ̀ igi ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá ti rin, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ lè lọ, títí tí yóò fi gbẹ. Ẹni tó bá fún un bó ṣe ń fún ańkárá lè fa ibì kan gùn, kí ibòmíràn sún kì. Ọ̀pọ̀ aṣọ òkè òde òní ni wọ́n fi réyọ́ọ̀nù hun pọ̀ mọ́ okùn dídán. Bí ẹ bá fún un, okùn dídán náà á ká kò, kò sì ní tẹ́ mọ́. Irú aṣọ òkè bẹ́ẹ̀, ẹ sá a sí afẹ́fẹ́ nínú ìbòòji lẹ́yìn òde, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku ara rẹ̀, kí ẹ má sì ṣe rì í sómi.

Kóòtù kì í ṣe aṣọ kan ṣoṣo

Aṣọ tó nílò kẹ́míkà jù lọ ni kóòtù tí aránṣọ rán dáadáa, àní bí òde rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ pọ́líẹ́sítà. Ìdí ni pé nǹkan mẹ́ta ló para pọ̀ di kóòtù: aṣọ òde, láínìn inú, àti gọ́ọ̀mù sítéè tó mú àyà àti kọ́là dúró ṣánṣán. Bí omi bá wọ̀ ọ́, bí ọ̀kan ṣe ń sún kì kọ́ ni èkejì ṣe ń sún kì, lẹ́ẹ̀ tó sì mú gọ́ọ̀mù sítéè mọ́ aṣọ lè tú. Ẹ ó rí i lẹ́yìn tó bá gbẹ: àyà kóòtù á wú kúlúkúlú, etí kọ́là á sì ká sókè. Aránṣọ kò lè tún èyí ṣe láìtú kóòtù náà palẹ̀.

Síbẹ̀, kóòtù kò nílò ìfọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá wọ̀ ọ́. Ẹ gbé e kọ́ sórí hángà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ẹ gbọn ọ́n, ìgbà tó bá dọ̀tí gan-an ni kí ẹ gbé e lọ.

Àbàwọ́n ló ń sọ oògùn rẹ̀

Pẹ́ẹ̀kì lágbára lórí ohun tó bá jẹ́ ọ̀rá: epo pupa, ìpara, ìkunra ètè. Ṣùgbọ́n òógùn ara, iyọ̀ àti ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, omi ló ń tú wọn. Ìdí nìyẹn tí abíyá agbádá funfun fi lè ti díráì kílíìnì dé kó ṣì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí agbádá náà bá jẹ́ òwú, omi àti ọṣẹ nílé ló yẹ ẹ́. Àbàwọ́n ṣúgà tilẹ̀ burú jù, nítorí ojú kì í tètè rí i. Ooru áyọ́ọ̀nù ló ń sọ ọ́ di àwọ̀ ilẹ̀. Bí nǹkan bá dà sí yín lára lóde, ẹ fi ibẹ̀ han alágbàfọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tó dà á.

Ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì náà dáadáa. Òbírí tó ní lẹ́tà P nínú ń sọ pé pẹ́ẹ̀kì kò lè ṣe aṣọ náà ní nǹkan kan. F túmọ̀ sí kẹ́míkà tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ń yọ láti ara epo rọ̀bì. Bí wọ́n bá fa ìlà gba inú òbírí kọjá, ẹ má jẹ́ kí kẹ́míkà kàn án. Irú rẹ̀ ni aṣọ tó ní ìlẹ̀kẹ̀ oníke, nítorí pẹ́ẹ̀kì lè yọ́ àwọn kan nínú wọn.

Bí a ṣe ń dán aṣọ wò nílé

Ká sọ pé gáùn pupa kan wà lọ́wọ́ yín, tí òde àti láínìn rẹ̀ jẹ́ pọ́líẹ́sítà, tí lébẹ́ẹ̀lì sì ní díráì kílíìnì ni. Ẹ wá ibi ìṣẹ́tí inú tí ènìyàn kò lè rí, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ rin ín, kí ẹ sì fi òwú funfun tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan. Bí òwú náà bá pọ́n, aró rẹ̀ ń ṣí, ẹ má fọ̀ ọ́. Bó bá funfun síbẹ̀, ẹ fi okùn sàmì sí ibi méjì tó jìnnà síra ní sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ rin ín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún fi téèpù wọ̀n ọ́n. Bó bá di 19.8, kò sí ewu. Bó bá di 19, gáùn tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 140 máa pàdánù 7, ìyẹn ni pé yóò kúrú mọ́ yín lára. Ẹ dán láínìn náà wò bákan náà. Bí méjèèjì bá yege, tí kò sí gọ́ọ̀mù sítéè nínú rẹ̀, ẹ lè fi omi tútù fọ̀ ọ́ nílé.

Ewu tó wà níbẹ̀

Láti ọdún 1995 ni àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka pẹ́ẹ̀kì mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fòpin sí lílò rẹ̀ fún ìfọṣọ ní ọdún 2023. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà gbé òfin jáde pé kí gbogbo ilé ìfọṣọ orílẹ̀-èdè náà fi í sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún 10. Òṣìṣẹ́ tó ń fa oruku rẹ̀ símú lójoojúmọ́ ni ewu náà kàn jù. Oníbàárà náà ní ohun tó yẹ kó ṣe: bí aṣọ bá ń rùn nígbà tí ẹ gbà á, kẹ́míkà kò tíì gbẹ kúrò lára rẹ̀. Ẹ bọ́ ọ̀rá ara rẹ̀, ẹ gbé e kọ́ síta kó tó wọ yàrá yín.

Ẹ má ṣe fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì fọ aṣọ nílé rárá. Oruku pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń gbà lọ, ó sì lè dé ìdí sítóòfù tó ń jó níbòmíràn kó tó gbiná.

Kóòtù, réyọ́ọ̀nù, aṣọ òkè onídídán àti sílíkì tí aró rẹ̀ ń ṣí: ìwọ̀nyí ni kí ẹ má rì sómi. Ìyókù, ọṣẹ àti omi tó wọn. Kí ẹ tó sanwó díráì kílíìnì, ẹ bi alágbàfọ̀ yín léèrè kẹ́míkà tó ń lò, kí ẹ sì ní kó fi ẹ̀rọ rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá ní in, ẹ má gbé kóòtù yín fún un.