Àyẹ̀wò Ní “OK”, Owó Kò Pé

Kò sí ọ́fíìsì akáǹtì tí wọn ò mọ irú fáìlì yìí. Ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, òun nìkan ló sì mọ ìdí tí ìlà kan fi rí bó ṣe rí. Ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ síbòmíì, àwọn tó kù á máa bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí ẹni tó kọ fáìlì bọ́jẹ́ẹ̀tì tuntun kọ mẹ́mò tì í kó tó fà á lé àwọn yòókù lọ́wọ́. Ojú ewé méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Ó ní láti sọ bí wọ́n ṣe to fáìlì náà, ohun tí wọ́n fojú dá kí ìṣirò tó lè ṣeé ṣe, àti àyẹ̀wò tó ń ṣọ́ ọ. Nǹkan méjì àkọ́kọ́ yẹn, èèyàn máa ń gbìyànjú níbẹ̀. Ti àyẹ̀wò ni wọ́n máa ń fi gbólóhùn kan gbá dànù: “gbogbo àyẹ̀wò ló wọlé.” Bẹ́ẹ̀, ohun tí àyẹ̀wò kò lè rí gan-an ló yẹ kí ẹni tó ń gba fáìlì mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé búrẹ́dì kan n'Íbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Òṣìṣẹ́ 22 ló wà níbẹ̀, orí Excel ni wọ́n sì kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún kan sí, oṣù 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí wọ́n ṣe tò ó kò le rárá. Ojú ìwé kan wà tí wọ́n pè ní Inputs, ibẹ̀ nìkan ni ọwọ́ èèyàn ti ń tẹ iye owó sí: iye epo, iye ìyẹ̀fun, owó oṣù, iye búrẹ́dì tí wọ́n rò pé àwọn máa tà. Àwọn ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ló ń ṣe ìṣirò, ọ̀kan fún ọjà tí wọ́n tà, ọ̀kan fún òṣìṣẹ́, ọ̀kan fún iná, tí gbogbo wọn á wá já sójú ìwé àkópọ̀. Ohun tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ní àwọ̀ búlúù, fọ́múlà ní àwọ̀ dúdú, bí àwọn tó ń kọ irú fáìlì yìí ṣe sábà máa ń ṣe. Mẹ́mò kò gbọ́dọ̀ lò ju ìpínrọ̀ kan lọ lórí èyí, ẹni tó bá ṣí fáìlì á rí i fúnra rẹ̀.

Orí ìfojúdá ló yẹ kí ọwọ́ ti rọra. Ẹ wo ti jẹnẹrétọ̀. Wọ́n fojú dá a pé yóò máa mu lítà 10 epo dísẹ́ẹ̀lì ní wákàtí kan, pé yóò ṣiṣẹ́ wákàtí 8 lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù. Lítà 2,080 nìyẹn lóṣù. Wọ́n fi ₦1,200 sí lítà kan, ó di ₦2,496,000. Fọ́múlà rẹ̀ kò ju èyí lọ:

```
=Inputs!C8*Inputs!C9*Inputs!C10*Inputs!C11
```

Kí ni ₦1,200 yẹn? Ṣé iye tí wọ́n ń tà á lóṣù kìíní ni, àbí iye tí wọ́n rò pé yóò jẹ́ bí a bá pín gbogbo ọdún dọ́gba? Ìbéèrè yìí kò ṣeé fojú fò, torí pé akáǹtáǹtì tó bá gba fáìlì lè rò pé iye oṣù kìíní ni, kó wá fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lé e lóṣooṣù fún ọ̀wọ́n gógó. Bó bá jẹ́ iye àárín ọdún ni ẹni àkọ́kọ́ kọ, ọ̀wọ́n gógó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti kà á lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Kò sí àyẹ̀wò tó máa pariwo, torí ìṣirò náà tọ̀nà, ìtumọ̀ owó náà ni kò tọ̀nà. Gbólóhùn kan péré nínú mẹ́mò ló ń dáàbò boni: “₦1,200 jẹ́ iye àárín gbogbo ọdún, ẹ má ṣe fi nǹkan kan lé e.” Kí wọ́n sì kọ ibi tí wákàtí 8 ti wá, bóyá inú ìwé tí wọ́n fi ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀, àti oṣù tí wọ́n wò nínú rẹ̀.

Irú rẹ̀ tún wà nínú owó ìfẹ̀yìntì. Òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ san ó kéré tán ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún, kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8, lórí àpapọ̀ owó oṣù gan-an, owó ilé àti owó ọkọ̀. Ìdá 10 yẹn ni ìnáwó tuntun fún ilé búrẹ́dì. Inú owó oṣù tí wọ́n ti kà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ìdá 8. Bí àpapọ̀ yẹn bá jẹ́ ₦2,000,000 lóṣù, tí ẹnì kan wá ṣèèṣì fi ìdá 18 lé e, bọ́jẹ́ẹ̀tì ti fi ₦160,000 wú lóṣù kan, ₦1,920,000 lọ́dún. Níbí pẹ̀lú, gbogbo àyẹ̀wò á wọlé wẹ́rẹ́.

Gbogbo ìfojúdá ló yẹ kó ní ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, àti ohun tó lè mú kí wọ́n tún un wò. Ẹni tó bá rò pé àṣejù ni, kó rántí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fún ọdún 2023. ₦435.57 sí dọ́là kan ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹfà ọdún náà, báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀, kí ọdún sì tó parí, dọ́là kan ti ju ₦800 lọ. Àlìkámà tí wọ́n ń lọ̀ di ìyẹ̀fun, òkè òkun lèyí tó pọ̀ jù ti ń wá, torí náà ilé búrẹ́dì kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ dọ́là kò kan òun.

Ó wá ku àyẹ̀wò. Ní ojú ìwé ìnáwó, ìlà 6 dé 19 ni orúkọ ìnáwó kọ̀ọ̀kan, òpó D dé O ni oṣù 12, ìlà 20 ni àpapọ̀ oṣù, òpó P sì ni àpapọ̀ ọdún fún ìnáwó kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò tí gbogbo èèyàn ń kọ ni pé kí àròpọ̀ lóòró àti àròpọ̀ níbùú bára mu:

```
=IF(ABS(SUM(P6:P19)-SUM(D20:O20))<1,"OK","CHECK")
```

Wọ́n fi náírà kan sílẹ̀ níbẹ̀ nítorí kọ́bọ̀ wẹ́wẹ́ tí kọ̀ǹpútà máa ń sọ nù nínú ìṣirò. Àyẹ̀wò yìí dára, ó lè mú ẹni tó bá fọwọ́ tẹ owó sórí fọ́múlà nínú ìlà àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n gba iléeṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lóṣù kẹta, tí akọ̀wé sì fi ìlà tuntun kún un lókè àpapọ̀ gẹ́lẹ́, lábẹ́ ìlà 19, ₦180,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́ padà dé oṣù kìíní kí ìwé lè dọ́gba. Nígbà míì Excel máa ń na fọ́múlà mú ìlà tuntun mọ́ra, nígbà míì kò ní í ṣe é. Bí kò bá ṣe é, fọ́múlà àpapọ̀ oṣù ṣì dúró sí ìlà 19, òpó P nínú àyẹ̀wò náà ṣì dúró sí ìlà 19. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fo owó kan náà, wọ́n sì bára mu. ₦2,160,000 ti pòórá nínú ọdún, “OK” ṣì ń tàn bí àtùpà.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá náà ti ko irú rẹ̀ rí. Lọ́dún 2010, Carmen Reinhart àti Kenneth Rogoff gbé ìwé kan jáde lórí gbèsè ìjọba àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé, àwọn olóṣèlú sì ń tọ́ka sí i káàkiri. Lọ́dún 2013, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, Thomas Herndon, gba fáìlì Excel wọn, ó sì rí i pé fọ́múlà ìpíndọ́gba kan dúró sí ìlà 44 dípò 49. Orílẹ̀-èdè márùn-ún ló ṣubú síta: Ọsirélíà, Ọ́síríà, Bẹ́ljíọ̀mù, Kánádà àti Dẹ́nmáàkì. Àríyànjiyàn mìíràn tún wà lórí ìwé náà ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n odidi ọdún mẹ́ta kọjá kí ẹnikẹ́ni tó ka fọ́múlà yẹn fún aráyé gbọ́.

Ohun tó lè ran ilé búrẹ́dì lọ́wọ́ ni àyẹ̀wò tí kò gba ọ̀nà tí àkọ́kọ́ gbà. Wọ́n fi lẹ́tà E sí òpó A lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìlà ìnáwó, wọ́n wá kọ èyí:

```
=SUMIF(A:A,"E",P:P)-SUM(D20:O20)
```

Gbogbo òpó náà lèyí ń wò, kò dúró sí ìlà kankan. Bí ìlà tuntun bá ní E, tí àpapọ̀ kò sì kà á, ₦2,160,000 á yọ síta kedere dípò òdo. Òun náà ní ibi tí ojú rẹ̀ kò tó: bí akọ̀wé bá gbàgbé E, a tún padà síbi tá a wà. Kí mẹ́mò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó sì sọ pé dídà ìlà tó wà lókè kọ ni kí wọ́n máa fi dá ìlà tuntun sílẹ̀, kí E lè bá a wá.

Lójú tèmi, ìpínrọ̀ tó wúlò jù nínú mẹ́mò ni èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kọ rárá, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń gba fáìlì máa fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe níṣojú ẹni tó kọ ọ́. Yí iye epo padà láti ₦1,200 sí ₦1,500. Lítà 2,080 lọ́nà ₦300 jẹ́ ₦624,000 lóṣù, nítorí náà ìnáwó ọdún gbọ́dọ̀ fi ₦7,488,000 lé sí i, èrè ṣáájú owó-orí sì gbọ́dọ̀ fi iye kan náà wálẹ̀. Bó bá jẹ́ ₦6,864,000 ló lé, ẹ má wulẹ̀ wá ibi jìnnà: ₦624,000 gééré ló kù, oṣù kan ni. Ẹnì kan ti fọwọ́ tẹ owó sórí fọ́múlà oṣù náà, bóyá lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ìwé yá fún ìpàdé. Fọ́múlà yìí á sọ iye àpótí tó ti bọ́ sọ́wọ́ báyìí, òdo ló sì yẹ kó jẹ́:

```
=SUMPRODUCT(--NOT(ISFORMULA(D6:O19)))
```

Lẹ́yìn náà ni kí wọ́n dá iye epo padà sí ₦1,200, kí wọ́n sì wò ó bóyá èrè padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́.

Kí mẹ́mò tó gba ìbuwọ́lù, ó yẹ kó sọ ohun tí fáìlì kò ṣe. Ti ilé búrẹ́dì yìí kò mọ̀ pé àwọn alátùntà máa ń gba búrẹ́dì láwìn, ọjọ́ tí wọ́n tà á ló ń ka owó rẹ̀. Èrè lè wà lójú ìwé àkópọ̀ nígbà tí kò sí owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ìyẹ̀fun ní báńkì. Ẹ̀bùn ìparí ọdún fún òṣìṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀, torí pé ọ̀gá kò tíì sọ iye tí yóò jẹ́. Ẹni tó gba fáìlì á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sábẹ́ méjèèjì, á sì kọ ẹni tó máa lọ béèrè iye ẹ̀bùn náà àti ọjọ́ tó máa béèrè rẹ̀.