"Àṣìkọ Kéékèèké Nìkan Ni Mo Rí": Bí Ó Ṣe Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Ka Èsì Aṣàyẹ̀wò Àkọtọ́

1.0 Ìfáàrà

Kò sí èsì tí ó máa ń dùn mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú tó èyí tí ó sọ pé àṣìkọ kéékèèké nìkan ni ó wà nínú orí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Bí ó bá ti kà á tán, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Á jókòó ti kọ̀ǹpútà, á ṣe àtúnṣe ní wéréwéré, á sì gbé iṣẹ́ náà lọ fún olùkọ́ tí ó ń bójú tó o. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé èsì náà lè jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kí àtúnṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lé e lórí sì ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ní "ma".

2.0 Èsì náà àti ohun tí ó sọ

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìyísódì nínú gbólóhùn àṣẹ. Ó gba ohùn àwọn àgbàlagbà sílẹ̀ nínú ilé àti ní ọjà, ó da ohun tí wọ́n sọ kọ sínú ìwé, ó sì fi àwọn gbólóhùn náà ṣe àpẹẹrẹ ní orí kẹrin. Èsì tí ó gbà lọ báyìí:

"Mo ti ka orí kẹrin rẹ tán. Àṣìkọ kéékèèké nìkan ni mo rí. O so àwọn ọ̀rọ̀ kan pọ̀ tí ó yẹ kí o pín: nígbàtí, ẹnití, bótilẹ̀jẹ́pé. Àkọtọ́ àtijọ́ wà níbì kan: aiye, lẹ́hìn, yio. Níkẹyìn, 'máa' ni kí o kọ, kì í ṣe 'ma'. Ó pọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Jọ̀wọ́, tún un ṣe jálẹ̀jálẹ̀."

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni èsì yìí sọ, kò sì sí irọ́ nínú ìkankan. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí kò sọ. Kò sọ pé àlàyé akẹ́kọ̀ọ́ bá àpẹẹrẹ rẹ̀ mu. Kò sì lè sọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò sí níbi tí wọ́n ti gba ohùn sílẹ̀. Ojú ìwé ni ó ń wò.

3.0 Àṣìkọ tí a lè tún ṣe láìsí ìbẹ̀rù

Ti pínpín ọ̀rọ̀ kò le. "Ẹni tí" jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì nítorí pé ọ̀rọ̀ mìíràn lè wọ àárín wọn: ẹni náà tí, ẹni kejì tí. Bákan náà ni "nígbà tí". Kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí à ń kọ ní "nígbàtí". Nítorí náà, ibikíbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti rí i, kí ó pín in.

Àkọtọ́ àtijọ́ fẹ́ ìṣọ́ra díẹ̀. Àkọtọ́ tí à ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ni èyí tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 1974. Inú rẹ̀ ni a ti ń kọ ayé, lẹ́yìn àti yóò. Síbẹ̀, orúkọ ìwé kì í ṣe àṣìkọ. Ìwé ìròyìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859 ń jẹ́ Iwe Irohin. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sọ gbogbo "hin" di "yin" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò yí orúkọ ìwé náà padà, yóò sì ba ọ̀rọ̀ tí ó fà yọ láti inú ìwé àtijọ́ jẹ́. Bí òǹkọ̀wé ṣe kọ ọ́ ni kí a fi í sílẹ̀.

4.0 "Ma" kan, ọ̀rọ̀ mẹ́rin

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ déédéé lè kọ "ma" fún ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Èkíní ni "máa", tí ó ń tọ́ka sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tàbí tí ń lọ lọ́wọ́: Ẹ máa lọ. Èkejì ni "má", tí ó ń ka nǹkan léèwọ̀: Ẹ má lọ. Ẹ̀kẹta ni "mà", tí a fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀: Òjò mà rọ̀ o. Ẹ̀kẹrin ni "màá", tí ó dúró fún "èmi yóò": Màá lọ.

Nínú àlàyé tirẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ "a ma rí i pé" ní ọ̀pọ̀ ìgbà. "Máa" ni ó yẹ kí ó kọ; òun ni aṣàyẹ̀wò rí tí ó fi kọ ohun tí ó kọ. Ṣùgbọ́n nínú àwọn àpẹẹrẹ, akẹ́kọ̀ọ́ kan náà kọ "Ẹ ma wọlé" fún ohun tí ìyá àgbà kan sọ nígbà tí ó ń lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn. Ó wá gba ìmọ̀ràn gbọ́, ó tẹ Replace All lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo "ma" sì di "máa". Ìyá tí ó ní kí àwọn ọmọ má wọlé wá di ẹni tí ó ń pè wọ́n wọlé: Ẹ máa wọlé. Lábẹ́ rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ pé gbólóhùn yìí ní atọ́ka ìyísódì. Kò sí àṣìkọ kankan nínú gbólóhùn tuntun náà mọ́. Bí wọ́n bá tún dá a padà fún aṣàyẹ̀wò, kò ní rí ohun tí yóò fa ìlà sí nídìí.

Báwo ni a ṣe lè mọ èyí tó tọ́? Bí a bá lè fi "ṣe" tẹ̀ lé e tí ìtumọ̀ kò sì yí padà, "má" ni: Ẹ má ṣe wọlé. Bí a bá lè yọ ọ́ kúrò tí ìròyìn inú gbólóhùn sì dúró, "mà" ni: Òjò rọ̀ o. Bí "èmi yóò" bá lè gba ipò rẹ̀, "màá" ni. Èyí tí ó bá kọ gbogbo ìdánwò wọ̀nyí, tí ó sì ń sọ ohun tí ń lọ tàbí tí ń bọ̀, "máa" ni.

Àwọn ìdánwò yìí ní ààlà. Wọn yóò sọ fún wa bí a ṣe ń kọ ohun tí ẹni tó sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn. Wọn kò lè sọ ohun tí ó sọ. Bí "Ẹ ma wọlé" bá dá dúró lójú ìwé, kò sí aṣàyẹ̀wò tí ó lè mọ̀ bóyá ìyá náà ń lé ọmọ ni tàbí ó ń pè é. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ nìkan ló lè ṣe ìdájọ́.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé aṣàyẹ̀wò ń fi bí àmì ṣe kéré tó wọn àṣìkọ, nígbà tí ó jẹ́ pé ibi tí àṣìkọ wà ni ó ń sọ bí ewu rẹ̀ ṣe tó. "Ma" tí ó wà nínú àlàyé akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. "Ma" tí ó wà nínú àpẹẹrẹ ni ẹ̀rí tí gbogbo orí náà dúró lé. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ kí ó kọ àwọn àpẹẹrẹ rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìwé mìíràn, kí ó tún ohùn tí ó gbà sílẹ̀ gbọ́, kí ó sì fi àmì ohùn sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn èyí ni kí ó ṣàtúnṣe àlàyé, kí ó máa wo "ma" kọ̀ọ̀kan kí ó tó yí i padà. Olùkọ́ tí ó ń bójú tó iṣẹ́ náà lè béèrè ìwé àpẹẹrẹ yìí, kí ó fi wé orí tí wọ́n tún ṣe. Bí ìyá àgbà bá ṣì ń lé ọmọ sẹ́yìn nínú àwọn méjèèjì, a jẹ́ pé àṣìkọ kéékèèké náà ni wọ́n tún ṣe lóòótọ́.