Orin Kan Péré Lọ́wọ́ Ẹnì Kọ̀ọ̀kan

Àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ jáde ilé-ìwé, tí àwọn kan wà n'Íbàdàn, tí àwọn kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù, lè jọ ní àkójọ orin kan lórí fóònù wọn. Lórí Spotify, ẹni tó dá àkójọ náà sílẹ̀ yóò tẹ "Invite collaborators", yóò sì fi líǹkì tó bá jáde ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lórí Wasáàpù. Líǹkì náà kì í ṣiṣẹ́ kọjá ọjọ́ méje. Ẹni tó bá pẹ́, kí ẹ fi òmíràn ránṣẹ́ sí i.

Ọ̀rọ̀ tí a ó fi pe àwọn ọ̀rẹ́ ló gba ìrònú. Bí a bá ní kí wọ́n kó orin tí wọ́n fẹ́ràn wá, ẹnìkan á kó ogún wá, àwọn yòókù á dákẹ́. Ẹ gbìyànjú irú èyí:

"Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Orin kan péré ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, èyí tí ẹ bá ti ń gbọ́ tí ẹ máa ń rántí ẹnìkan tàbí ọjọ́ kan. Ẹ fi sí àkójọ wa kó tó di ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún wa níbí ní gbólóhùn méjì. Mo ti fi tèmi síwájú: 'Salome' ti I. K. Dairo, tí bàbá mi máa ń gbọ́ láàárọ̀ Sátidé."

Ẹni tó pe ìpè ti fi tirẹ̀ hàn, àwọn yòókù á mọ bí a ṣe ń ṣe é.

Orin jùjú ní ìṣòro tirẹ̀. Láyé àwo ńlá, Ebenezer Obey àti Sunny Adé sábà máa ń so orin pọ̀ mọ́ra wọn láìdánu dúró títí ojú àwo kan yóò fi parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe wà lórí fóònù lónìí. Ẹni tó ní orin kan lọ́kàn lè fi odindi ojú àwo ránṣẹ́. Ẹ ní kó kọ ìṣẹ́jú tí orin tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìdí tó kọ. Orúkọ tí a mọ orin sí sì lè yàtọ̀ sí èyí tó wà lára àwo: orin kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Obey, "The Horse, the Man and His Son" ni àwo ọdún 1973 náà ń jẹ́. Bí ẹ kò bá rí orin kan, ẹ wá a pẹ̀lú orúkọ olórin, kí ẹ sì tẹ́tí sí i kí ẹ tó mú un.

Gbogbo ẹni tó wọlé ló lè yọ orin ẹlòmíràn kúrò, ìbáà ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, lálẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, ẹ to orúkọ olúkúlùkù, orin rẹ̀ àti ìdí tó sọ jọ síbì kan nínú ẹgbẹ́. Bí orin bá sọnù, a lè dá a padà. Ìdí tí ọ̀rẹ́ ẹni fi yàn án ni kí ẹ má ṣe jẹ́ kó sọnù.