Ẹ Jẹ́ Kí Owó Fúnra Rẹ̀ Sọ Pé Òun Ti Dé

Ká ní òṣìṣẹ́ kan nílé iṣẹ́ tó ń tajà lórí ayélujára l'Ékòó fẹ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ẹ̀ka wọn. Ètò kọ̀ǹpútà kan wà tí oníbàárà kì í rí, òun ló ń wo ẹni tó ti sanwó kí wọ́n tó di ẹrù rẹ̀. Ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30 ló ń bi Paystack, tó ń bá wọn gbowó, pé: "Ṣé lágbájá ti san?"

Ìṣirò ni kí irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Bí oníbàárà 200 bá wà tí wọn ò tíì san, ìbéèrè 24,000 nìyẹn ní wákàtí kan. Bó bá jẹ́ ẹni 40 ló san láàárín wákàtí ọ̀hún, "kò tíì san" ló kún inú ìyókù. Ẹni tó san gan-an sì tún lè dúró kí ètò tó bèèrè nípa rẹ̀.

Wẹ́bùhúùkù ló lè gbà wọ́n. Ta ló ń yẹ àkáǹtì wò látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nígbà tí alẹ́ẹ̀tì báǹkì wà? Wọn yóò fún Paystack ní àdírẹ́sì kan lórí sáfà wọn. Bówó bá wọlé, Paystack ni yóò fi iṣẹ́ tó ń jẹ́ `charge.success` ránṣẹ́ síbẹ̀.

Àmọ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́ yóò bèèrè ibi tó ti lè bàjẹ́. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdírẹ́sì náà lè rán irọ́ wá. Nítorí náà ni ìbuwọ́lù `x-paystack-signature` fi ń tẹ̀ lé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, orí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe dé gẹ́lẹ́ ni kí ètò sì ti tún un ṣírò; bí kò bá dọ́gba, kó dà á nù.

Èkejì ló máa ń gbówó lọ. Bí sáfà bá ń tẹ rìsíìtì, tó ń yọ ọjà kúrò nínú ìwé, kó tó dáhùn `200`, ẹni tó ránṣẹ́ lè rò pé kò dé, kó tún un rán. Ẹrù méjì lè jáde fún owó kan. Kí ètò kọ nọ́ńbà ìsanwó sílẹ̀, kó dáhùn kíá, kó tó ṣiṣẹ́ yòókù; nọ́ńbà tó bá ti rí rí, kó fi sílẹ̀.

Mo fẹ́ràn kí lẹ́tà náà parí báyìí:

"Ọ̀gá mi, mi ò ní ká pa ìbéèrè rẹ́ pátápátá. Sáfà wa lè kú nígbà tíṣẹ́ bá dé, wọn ò sì ní máa tún un rán títí láé. Ẹ jẹ́ ká máa bèèrè lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí, nípa àwọn tó ti pẹ́ tá ò gbúròó wọn nìkan. Tó bá rí owó tí wẹ́bùhúùkù ò sọ, a ó mọ̀ pé nǹkan ti yẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí wẹ́bùhúùkù kàn máa kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀, kí ètò àtijọ́ ṣì máa pàṣẹ. Àràárọ̀ ni n ó máa fi ìwé méjèèjì wéra, n ó sì máa fi èyí tí kò bára mu hàn yín."